Bí ẹ ṣe lè kọ lẹ́tà ìdábàá ìtàn sí ẹ́dítọ̀ mágásíìnì nípa àwọn tó ń ta oúnjẹ lójú títì l'Abẹ́òkúta

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà táwọn oníròyìn tó ń ṣe tara wọn máa ń kọ sí ẹ́dítọ̀ lórí oúnjẹ ojú títì, bákan náà ni gbogbo ẹ̀ ń rí: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, mo fẹ́ kọ nípa àwọn tó ń ta oúnjẹ lójú títì l'Abẹ́òkúta, ìyà tó ń jẹ wọ́n àti bí wọ́n ṣe wúlò fún ìlú." Ẹ́dítọ̀ á kà á, á gbójú kúrò níbẹ̀, kò sì ní dáhùn. Kì í ṣe pé inú ń bí i, kò rí ìtàn kankan dì mú níbẹ̀ ni. Oúnjẹ ojú títì, orí ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn. Ìtàn ni kí ẹnì kan pàtó wà níbì kan pàtó, kó fẹ́ ṣe nǹkan, kí nǹkan mí ì sì dí i lọ́wọ́, débi pé ẹni tó ń kà á á fẹ́ mọ ibi tó máa já sí.

Torí náà iṣẹ́ lẹ́tà yìí ò bẹ̀rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà o, ojú títì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn kan ṣoṣo, ká tẹ̀ lé e látìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ẹ́dítọ̀ ti dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú oúnjẹ kan, kẹ́ ẹ wá ìbéèrè tó wà nídìí ẹ̀

Abẹ́òkúta ò ní kẹ́ ẹ má rí nǹkan kọ. Láti Lafẹ́nwá dé Kútọ̀, láti Ṣàpọ́n dé Àsero, ẹ máa rí ọ̀fadà tí wọ́n pọ́n sínú ewé, láfún àti ewédú ní bùkà, bọ̀lì, ẹ̀wà àgànyìn, ẹ̀kọ, gbogbo ẹ̀ ṣáà. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ kó gbogbo wọn sínú lẹ́tà kan, ẹ ti pàdánù ẹ́dítọ̀ nìyẹn. Ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ mú.

Èmi á mú àkàrà, mo sì nídìí. Ẹni tó ń ta ìrẹsì, ṣíbí tàbí kọ́ọ̀pù ló fi ń wọ̀n ọ́n fáwọn oníbàárà, tó bá dín in kù wọ́n á rí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì pariwo. Àmọ́ alákàrà, ọwọ́ ẹ̀ àti ṣíbí ẹ̀ nìkan ló mọ bó ṣe tóbi tó. Tí ẹ̀wà bá wọ́n, ó lè fi owó lé e, ó sì lè fi iye tó ń tà á sílẹ̀ kó wá máa bù ú kéré. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe èkejì torí oníbàárà tó ti mọ iye kan tẹ́lẹ̀ ò ní fẹ́ gbọ́ pé ó ti lé. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè wà: nígbà tí ẹ̀wà gbówó lórí, ta ló ń san án, ìyá tó ń dín àkàrà ni àbí ẹni tó ń jẹ ẹ́? Ẹ rí i pé a ti kúrò nídìí "ìyà ń jẹ wọ́n," a ti ní ohun tá a lè lọ wádìí, tí ìdáhùn ẹ̀ sì lè ya àwa gan-an lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kan kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ti ṣe gbogbo ìwádìí tán kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí ẹ́dítọ̀, torí tí wọn ò bá gbà á ẹ ti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ ẹ ti lọ láàárọ̀ kan, ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì ti bá ẹni tí ìtàn dá lé lórí sọ̀rọ̀ tó fi gbà. Ẹ́dítọ̀ tó bá rí i pé ẹ ti ní ẹni náà lọ́wọ́, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀ ju kẹ́ ẹ sọ pé ẹ máa wá a.

Ká ní Pánṣẹ́kẹ́ lẹ lọ. Ẹ débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ra àkàrà, ẹ jókòó. Ẹ má tíì mú fóònù jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí màmá yẹn máa rò ni pé láti káńsù lẹ ti wá, pé ẹ wá wo iye tó ń rí kẹ́ ẹ lè bu owó lé e, torí náà ẹ tètè sọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Ẹ kí i bó ṣe yẹ, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú ooru iná," ẹ ṣàlàyé pé oníròyìn ni yín, pé ẹ fẹ́ dábàá ìtàn kan fún mágásíìnì, àti pé wọn ò tíì gbà á o. Ẹ má ṣèlérí pé fọ́tò wọn máa jáde. Ẹ má sì ṣèlérí owó, torí ẹni tẹ́ ẹ bá sanwó fún kó tó sọ̀rọ̀, ohun tó bá rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ló máa sọ. Ẹ ra àkàrà tó pọ̀ díẹ̀, ìyẹn ò burú.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá béèrè. Kóńgò ẹ̀wà mélòó lẹ ń lò láàárọ̀ kan? Ibo lẹ ti ń rà á? Èló lẹ ń fi lọ̀ ọ́? Kẹ́ẹ̀gì òróró kan, ọjọ́ mélòó ló ń gbà? Àkàrà mélòó ló ń jáde nínú kóńgò kan, mélòó ló sì ń jáde tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pá ìtàn yẹn, gbogbo ìyókù á fara ti i.

Ẹ ṣọ́ra fún "ọjà ò tà mọ́." Kò sóníṣòwò tí ò ní sọ ọ́, kódà ẹni tí ọjà ẹ̀ ń tán kó tó di aago mẹ́jọ. Kì í ṣe pé irọ́ ló ń pa, bí ọlọ́jà ṣe ń dáhùn náà nìyẹn, àmọ́ kò ṣeé gbé ìtàn lé. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ òótọ́ ni pé kẹ́ ẹ kà á fúnra yín. Ẹ ka iye ṣíbí tó bọ́ sínú agbada látinú abọ́ kan. Ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ń bá a lọ ẹ̀wà, ẹ bi í bí owó lílọ̀ ṣe lọ sókè látìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní May 29, 2023, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yẹn, bẹntiróòlù tàbí dísù ló ń mu. Ẹ bi ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní Kútọ̀ náà. Tí ohun tí màmá sọ àti ohun tí àwọn méjì yẹn sọ bá bára mu, ẹ ti ní ìtàn.

Nǹkan kan wà tí ẹni tí ò mọ ìdí àkàrà kì í ro. Bí àkàrà ṣe rí lójú lè tan yín jẹ. Ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n bá pò dáadáa kí wọ́n tó dín in, atẹ́gùn á wọ inú ẹ̀, á wú, á fúyẹ́, àkàrà á tóbi bó ṣe máa ń tóbi, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀wà inú ẹ̀ ti dín kù. Torí náà ẹ wá ìwọ̀n kékeré irú èyí tí wọ́n fi ń wọn fúláwà nílé ìdáná. Ẹ ra bí ogún látinú agbada kan náà, ẹ jẹ́ kí òróró ẹ̀ ro, ẹ wọ̀n wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi 20 pín in. Ẹyọ kan ò tó wọ̀n, ọwọ́ èèyàn kì í dọ́gba. Bẹ́ ẹ bá padà wá lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ náà, ẹ ti ní ohun tí oníròyìn mí ì ò ní nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣe ìṣirò náà kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́

Ibí ló ti máa ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Ká ní kóńgò kan ń mú 80 àkàrà wá tẹ́lẹ̀, tó ti di 110 báyìí, tí ẹyọ kan sì jẹ́ ₦100 tẹ́lẹ̀ tó ṣì jẹ́ ₦100 (àpẹẹrẹ ni gbogbo nọ́ńbà yìí o, èyí tẹ́ ẹ bá kà lójú títì ni kẹ́ ẹ lò). Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́rin àkàrà ẹ̀ lọ láìmọ̀. Màmá náà, ₦8,000 tó ń rí lórí kóńgò kan ti di ₦11,000, ìyẹn ni pé ₦3,000 ti lé. Ẹ máa sọ pé, "Ó ń jèrè nìyẹn." Ẹ dúró ná. Ẹ ro iye tí ẹ̀wà, òróró, igi ìdáná àti owó lílọ̀ fi lé lórí kóńgò kan yẹn pọ̀. Tó bá jẹ́ ₦3,800 ló lé, àwọn oníbàárà ń san ₦3,000 nínú ẹ̀ láìmọ̀, màmá sì ń gbé ₦800 tó kù lórí. Tó bá jẹ́ ₦2,000 péré ló lé, a jẹ́ pé ìtàn mí ì ni, bóyá èyí tí màmá ò tiẹ̀ ní fẹ́ ká kọ. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà, torí ohun tẹ́ ẹ bá sọ nínú lẹ́tà ni ẹ́dítọ̀ máa retí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?

Gbogbo ẹ́dítọ̀ ló máa bi yín. "Nǹkan ti wọ́n" kì í ṣe ìdáhùn, nǹkan wọ́n lọ́dún tó kọjá náà. Ti ẹ̀wà rọrùn díẹ̀ torí ó ní àsìkò: òkè ọya ni ọ̀pọ̀ ẹ̀wà tá à ń jẹ ti ń wá, ìgbà ìkórè tuntun sì máa ń bọ́ sí bí oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, owó ẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, èyí tó wà nílẹ̀ ti ń tán lọ, owó ẹ̀ sì máa ń le. Mágásíìnì tó ń jáde lóṣooṣù, bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣètò ohun tó máa wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jáde nínú oṣù kẹjọ, oṣù karùn-ún ni kí lẹ́tà ti wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó kọ̀wé nínú oṣù kẹjọ pé ẹ̀wà wọ́n, kí ìwé tó jáde ẹ̀wà tuntun ti wọ ọjà.

Ẹ má jẹ́ kí ìtàn ìlú gbé yín lọ jàre. Mo mọ̀ pé ó máa ń wù wá l'Abẹ́òkúta ká kọ́kọ́ sọ ti Olúmọ, ká sọ pé ìlú wa ni Ìwé Ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1859. Kò sí ohun tí ìyẹn ń ṣe nínú lẹ́tà àkàrà. Ti ìjà owó orí táwọn obìnrin ọlọ́jà bá ìjọba jà lọ́dún 1947 pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lè wúlò, ṣùgbọ́n àfi tó bá jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún màmá lójoojúmọ́ ni ìtàn yín dá lé, gbólóhùn kan sì ti tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lẹ́tà fúnra ẹ̀

Ẹ ka ìwé náà dáadáa kẹ́ ẹ tó kọ, ẹ wo abala tó lè gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ àti bí àwọn ìtàn ibẹ̀ ṣe máa ń gùn tó. Ẹ wá orúkọ ẹni tó ń bójú tó abala yẹn, kẹ́ ẹ má kọ ọ́ sí "Sí ẹni tó bá kàn." Inú ímeèlì gan-an ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má so ó mọ́ ọn bíi fáìlì, ọ̀pọ̀ kì í ṣí fáìlì ẹni tí wọn ò mọ̀. Ojú ewé kan ò gbọ́dọ̀ kún. Báyìí ló ṣe lè rí:

> Àkọlé ímeèlì: Ìdábàá ìtàn fún oṣù kẹjọ: Àkàrà tó ń kéré ní Pánṣẹ́kẹ́
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa,
>
> Láti ọdún tó kọjá, ìyá alákàrà kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ò tíì fi kọ́bọ̀ lé iye tó ń ta àkàrà ẹ̀. Ṣíbí tó fi ń bù ú ló pààrọ̀. Kóńgò ẹ̀wà tó máa ń mú 80 jáde, 110 ló ń mú jáde báyìí, àwọn ọlọ́kadà tó ń rà á láago mẹ́fà àárọ̀ sì sọ fún mi pé àwọn kàn rí i pé ebi tún ń tètè pa àwọn ni.
>
> Mo fẹ́ kọ ìtàn tó tó 1,500 ọ̀rọ̀ fún abala ọjà àti owó yín, tó máa tẹ̀ lé kóńgò ẹ̀wà kan láti Kútọ̀ dé ẹnu ẹni tó jẹ ẹ́, láti fi mọ ẹni tó ń san owó ẹ̀wà tó wọ́n. Mo ti lo àárọ̀ kan lọ́dọ̀ màmá yìí, mo ka àkàrà ẹ̀, mo sì wọ̀n ọ́n. Ìṣirò mi fi hàn pé oníbàárà ló ń san èyí tó pọ̀ jù, pé màmá náà ṣì ń gbé díẹ̀ lórí. Ó ti gbà kí n lo orúkọ òun àti fọ́tò òun. Ẹlẹ́rọ tó ń bá a lọ ẹ̀wà àti ẹni tó ń tà á fún un ti gbà láti bá mi sọ̀rọ̀. Màá tún béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ nípa owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀.
>
> Oṣù kẹjọ ló máa dáa jù, nígbà tí ẹ̀wà máa ń wọ́n kí tuntun tó wọlé. Màá wọn àkàrà náà lẹ́ẹ̀kan sí i nínú oṣù kẹfà ká lè fi wéra. Mo lè kó fọ́tò bíi mẹ́wàá sílẹ̀, méjì wà nísàlẹ̀ ímeèlì yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ìtàn á wà lọ́dọ̀ yín.
>
> Àsero ni mò ń gbé, ọjà àti ìrìnnà ni mo sábà máa ń kọ lé lórí. Líǹkì iṣẹ́ mi méjì nìyí. Mi ò tíì fi ìdábàá yìí han ilé ìròyìn mí ì.
>
> Ẹ ṣeun o.
> (Orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù yín)

Ẹ wo bí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ò ṣe sọ nǹkan kan nípa ẹni tó kọ ọ́. Ẹ́dítọ̀ ò tíì nílò yín níbẹ̀, ìtàn ló nílò, ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn. Ìpínrọ̀ kejì ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, torí ó sọ ohun tẹ́ ẹ ti rí àti ohun tó kù, kò sì pe èyí tó kù ní èyí tẹ́ ẹ ti rí. Tẹ́ ẹ bá kọ pé "ìjọba ìbílẹ̀ ń fìyà jẹ wọ́n" nígbà tẹ́ ò tíì bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ́dítọ̀ tó gbọ́n máa rí i pé ẹ ti dájọ́ kẹ́ ẹ tó gbẹ́jọ́. Tí màmá ò bá sì fẹ́ kẹ́ ẹ lo orúkọ ẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà, ẹ má fi í pa mọ́ dìgbà tí wọ́n bá ń ṣètò ojú ewé.

Ní ti fọ́tò, àárọ̀ kùtùkùtù ṣókùnkùn, èéfín tún ń bo ojú ẹni. Ẹ dúró síbi tí iná ìdáná ti ń tàn sójú ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ní sùúrù kí ilẹ̀ mọ́ díẹ̀. Fọ́tò ṣíbí tó mú dání lè wúlò fún ẹ́dítọ̀ yìí ju fọ́tò ojú ẹ̀ lọ. Kékeré ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ báyìí, àwọn ńlá ẹ̀ á tẹ̀ lé e tí wọ́n bá gbà.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́

Ẹ́dítọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ni o, torí tí méjì bá gbà á lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan nínú wọn ò ní ka ímeèlì yín mọ́. Ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ò bá dáhùn, ẹ kọ ẹyọ kan sí i, kúkúrú: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mo ní kí n rán yín létí ìdábàá àkàrà Pánṣẹ́kẹ́. Tí kò bá bá yín mu, mo fẹ́ fi han ibòmíràn lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀." Ẹ má lọ máa pè é lórí Wọ́ọ̀ṣápù láago mẹ́wàá alẹ́. Tí ọjọ́ Ajé bá kọjá, ẹ mú un lọ síbòmíràn, kẹ́ ẹ tún ìpínrọ̀ kejì ṣe kó lè bá abala tiwọn mu.

Tó bá wá gbà ńkọ́? Inú yín á dùn débi pé ẹ máa gbàgbé owó. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè nínú ímeèlì, kó wà lákọsílẹ̀: èló ni, ṣé tí wọ́n bá gba ìtàn ni wọ́n ń san án àbí tó bá jáde, ṣé fọ́tò ní owó tiẹ̀, ta ló ń san owó ọkọ̀, èló ni wọ́n máa san tí wọ́n bá ní ká kọ ọ́ àmọ́ tí wọn ò lò ó mọ́, àti ṣé ẹ lè tà á síbòmíràn lẹ́yìn tó bá ti jáde lọ́dọ̀ wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, kí n lè ṣètò ara mi" ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí wọ́n sanwó nígbà tí wọ́n gbà á àti ìgbà tó jáde o, torí ìtàn lè wà lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mélòó kan, owó ọkọ̀ yín ti lọ ní tiẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fi ìtàn tó parí ránṣẹ́, ẹ padà lọ sí Pánṣẹ́kẹ́. Ẹ̀wà kì í dúró síye kan. Ó lè jẹ́ pé màmá ti fi owó lé e nígbẹ̀yìn, tàbí pé ó ti padà sí ṣíbí àtijọ́ torí àwọn oníbàárà ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ tún àkàrà kà, ẹ tún un wọ̀n, tó bá sì ti yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú lẹ́tà, ẹ kọ̀wé sí ẹ́dítọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó ṣeé ṣe kó fẹ́ yí àkọlé padà tàbí kó ní kẹ́ ẹ fi ìpínrọ̀ kan kún un.